Ọ̀rọ̀ kúkúrú sí ọ̀rẹ́ tí àníyàn pa lẹ́nu mọ́

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rẹ́ kan, màá pè é ní Dèjì. Kò sí ọjọ́ tá kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àníyàn ti ń dà á láàmú, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, kò gbé ìpè mi, kò sì fèsì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kọ̀wé sí i lórí Wọ́sáàpù lẹ́ẹ̀mẹrin, èyí tó gbẹ̀yìn sì gùn gan-an. Mo fẹ́ kọ ẹyọ kan péré sí i, kó kúrú, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tí kò ní dá kún ohun tó ń ṣe é. Kí ni kí n kọ?"

Ẹ kọ èyí sí i. Ẹ lè tún un ṣe kó lè dún bí ẹnu yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gùn jù báyìí lọ:

"Dèjì, mo rí ajá kan lónìí tó ń sá fún ológbò, ìwọ ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo mọ̀ pé nǹkan lè má fi bẹ́ẹ̀ rọrùn lásìkò yìí. O ò jẹ mí ní èsì kankan, àti ti èyí àti tàwọn tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀. Tó o bá kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé o rí i, àtàǹpàkò kan ti tó. Màá tún kọ nǹkan sí ẹ ní Sátidé, mi ò sì ní pè ẹ́ láìsọ."

Ajá àti ológbò yẹn kàn di àyè mú ni. Ẹ fi nǹkan kékeré kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló máa pa lẹ́rìn-ín rọ́pò rẹ̀. Gbólóhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí mo kàn kọ síbẹ̀ lásán, àmọ́ ohun tí wọ́n wà fún ò lè yé yín àfi tẹ́ ẹ bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Fóònù dún. Kó tó wo ẹni tó kọ̀wé, àyà rẹ̀ ti já. Ara ẹni tí àníyàn ń bá fà á kì í dúró gbọ́ àlàyé: ọkàn á máa lù kìkì, èémí á kúrú, inú á so pọ̀, ọwọ́ á tutù. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọpọlọ á wá máa wá ìdí tí ara fi rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìròyìn burúkú. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń bínú. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ bi í ní ohun tí kò ní lè dáhùn. Ló bá da ojú fóònù délẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ara rẹ̀ wálẹ̀.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn, torí ìtura yẹn ń kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́. Ara ti gbà pé fóònù tí òun dà dé ló gba òun là, tó bá tún dún, á tètè dà á dé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mowrer, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá, ti ṣàlàyé yíyípo yìí láti ọdún 1947: ohun kan ló ń kọ́kọ́ gbin ẹ̀rù síni lára, ìtura téèyàn ń rí nígbàkigbà tó bá sá fún nǹkan ọ̀hún ló wá ń bomi rin ẹ̀rù náà tí kò fi kú. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ìtọ́jú àníyàn ló dúró lórí òye yìí. Wọ́n á ní kí ẹni náà máa sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù ní díẹ̀díẹ̀, níwọ̀n tí ara rẹ̀ lè gbà, kó sì dúró níbẹ̀ títí ara á fi rí i pé láburú kankan ò ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì wà tó ń jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ gan-an ló ń ṣòro jù láti dá lóhùn. Èsì téèyàn ò fi ránṣẹ́ máa ń gorí ara bí èlé orí owó. Lọ́jọ́ kìíní, "Mo wà o, o ṣé" ì bá ti tó. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti di pé kéèyàn kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kó tó dáhùn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀bẹ̀ nìkan ò tó mọ́, àlàyé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí ìlérí pé irú rẹ̀ ò ní wáyé mọ́ sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Bó ṣe wá di pé ẹni tí ò lókun àtikọ gbólóhùn kan ń kọ odindi lẹ́tà lọ́kàn nìyẹn, tí kò sì lè parí rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kó kọ lẹ́tà. Òun ló gbà pé ohun tó yẹ yín nìyẹn, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ṣe pàtàkì tó lójú rẹ̀ ni lẹ́tà náà ṣe máa gùn tó.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó dùn yín tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ó ń dá àwọn ará ibi iṣẹ́ lóhùn. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ní ìdáhùn tó mọ níba: ó ti ṣe é, tàbí kò tíì ṣe é. "Báwo ni nǹkan?" látẹnu ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n dénú ò níba, torí kò ní lè fi "dáadáa ni" tàn yín.

Torí náà, ẹ má kọ̀wé láti gba ìròyìn. Ẹ kọ̀wé láti pa gbèsè èsì yẹn rẹ́.

Mi ò rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tẹ́ ẹ ti kọ ṣáájú, àmọ́ irú èyí táwọn èèyàn sábà máa ń kọ nírú àkókò yìí rèé: "Dèjì, kí ló dé? Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? O mọ̀ pé kò sóhun tó ò lè bá mi sọ. Jọ̀ọ́, tó o bá ti rí èyí, pè mí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá." Ìfẹ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹ wá kà á pẹ̀lú àyà tó ti já tẹ́lẹ̀. "Kí ló dé" ń béèrè ìdí, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan kan pàtó tó dé, kó jẹ́ pé ohun tó sì ń bà á nínú jẹ́ jù nìyẹn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta" ṣírò gbèsè náà fún un. "Kò sóhun tó ò lè bá mi sọ" dùn létí, síbẹ̀ òun ló máa wá ohun tó máa sọ, òun ló máa wá ibi tó máa gbà á bẹ̀rẹ̀. "Pè mí" ló wúwo jù nínú ohun téèyàn lè ní kó ṣe, torí ìpè ò fúnni láyè láti ronú, láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, tàbí láti fi ohùn tó ń gbọ̀n pa mọ́.

Èyí tí mo kórìíra jù níbẹ̀ ni "Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Ó máa ń yọ lẹ́nu ẹni tó bá ní ìfẹ́ gan-an, ìyẹn ló sì jẹ́ kó léwu. Ńṣe ló pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì: ẹni tí ara rẹ̀ ò lélẹ̀ ló wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ máa tu ẹlòmíì nínú. Tí kò bá sì fèsì kíá, á tún máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé dídákẹ́ tí òun dákẹ́ ti fi yín sínú ìrora. Ẹ̀bi méjì ti wọlé níbi tí ọ̀kan ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ lẹ̀ ń rò pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ìyẹn kalẹ̀ títí ẹ ó fi jọ jókòó.

Ó yá, ká wá padà sórí gbólóhùn márùn-ún yẹn.

Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo àkókò lé lórí jù. Bí ọ̀rọ̀ bá wọlé nígbà tí fóònù wà ní títì, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń hàn lójú fóònù, bí ìlà kan tàbí méjì. Ìwọ̀nba tí Dèjì máa rí kó tó pinnu nìyẹn, tó bá tiẹ̀ wò ó rárá. Tó bá jẹ́ "Dèjì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ" ló rí, ó ti tán, kò ní ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ajá tó ń sá fún ológbò ló rí, ó ti mọ̀ láìṣí i pé kò séwu, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ẹ má fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi àwòrán nìkan ránṣẹ́, torí kò dájú pé ojú fóònù tí wọ́n tì á fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn án. Ẹ má sì fi ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, bó ti wù kó dùn tó lẹ́nu yín. Èèyàn lè fojú sáré ka ọ̀rọ̀ tá a kọ, kó sì mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Ohùn ò rí bẹ́ẹ̀. Àfi kó gbọ́ ọ tán kó tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun, ìṣẹ́jú méjì ohùn sì gùn púpọ̀ fún ẹni tó ń dúró de ohun burúkú.

Nínú gbólóhùn kejì, ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ àníyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dèjì ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín. Ojú fóònù lè wà lórí tábìlì níbi iṣẹ́, kí ẹlòmíì sì kà á. Mo ní "lè má rọrùn" kó lè láyè láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tá a bá sọ fún pé "mo mọ̀ pé ìyà ń jẹ ẹ́" máa ń rí i pé wọ́n ti ń ṣọ́ òun.

Gbólóhùn kẹta ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà, òun náà sì ni àwọn èèyàn sábà máa ń bà jẹ́. Wọ́n á ní, "Fèsì nígbà tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn." Inú rere ni, àmọ́ gbèsè náà ṣì wà nílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa san án ni wọn ò dá. Lójoojúmọ́ ni Dèjì á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé òní ló ti wá rọ òun lọ́rùn. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé kò jẹ yín ní èsì, kẹ́ ẹ sì mẹ́nu kan àwọn ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀, torí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lókè ibi tó ti máa ka tuntun, pàápàá èyí tó gùn yẹn. Àwọn kan máa ń fẹ́ lọ pa àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ kójú ibẹ̀ lè mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí Wọ́sáàpù bá ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún ẹ̀yin méjèèjì, ó ń fi àmì sílẹ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ rí, ohun tí wọ́n pa rẹ́ sì máa ń burú lọ́kàn aláníyàn ju ohun tí wọ́n kọ lọ.

Kí wá ni ìwúlò àtàǹpàkò lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ní kò jẹ yín ní èsì? Ìwúlò rẹ̀ ni pé ó jẹ́ òdìkejì dída fóònù délẹ̀. Tó bá fìka tẹ ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, àwọn ìmójì á yọ jáde, á mú ọ̀kan, ó parí. Kò kọ lẹ́tà kankan, síbẹ̀ ó ti sún mọ́ ohun tó ń sá fún, ara rẹ̀ sì ti rí i pé òun fèsì tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ fi mọ sórí ẹyọ kan yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ìmójì mẹ́rin sílẹ̀, ọ̀kan fún "mo wà", ọ̀kan fún "ó le díẹ̀", ọ̀kan fún "wá", ọ̀kan fún "má wá". Ìdánwò nìyẹn. Á dúró, á máa rò ó pé èwo gan-an ló bá òun mu lónìí, kò sì ní fi èyíkéyìí ránṣẹ́. Ẹ lè fi ìkejì kún un lẹ́yìn oṣù kan, tí ìkíní bá ti mọ́ ọn lára.

Gbólóhùn ìkẹyìn mú àìdánilójú kúrò. Ẹni tí ò mọ ìgbà tí fóònù tún máa dún á máa retí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá mọ̀ pé Sátidé ni, tó sì mọ̀ pé ìwé ni kì í ṣe ìpè, ọjọ́ Ẹtì á jẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá dá, Sátidé náà ni o. Tẹ́ ẹ bá lọ kọ̀wé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ torí pé ara yín ò gbà á mọ́, gbólóhùn náà ti di irọ́, ẹ ò sì ní lè lò ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì búlúù méjì lórí Wọ́sáàpù náà yẹ ká sọ díẹ̀, torí kì í ṣe kékeré. Púpọ̀ nínú àwọn tí àníyàn ń dà láàmú kì í ṣí ọ̀rọ̀ kìkì torí pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ máa rí i pé wọ́n ti kà á, tí aago èsì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ lè pa á tì láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Privacy, kẹ́ ẹ wá pa Read receipts. Àtìgbà yẹn lọ, ẹ ò ní mọ ìgbà tí Dèjì ka ọ̀rọ̀ yín, àwọn ẹlòmíì náà ò sì ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ bá ka tiwọn. Ẹ wá fi ìlà kan sínú ọ̀rọ̀ ti Sátidé: "Mo ti pa àmì búlúù, mi ò lè rí i tó o bá kà á." Àǹfààní rẹ̀ fún ẹ̀yin alára ni pé ẹ ò ní máa ṣí fóònù nígbà ogún lóòjọ́ láti wò ó bóyá ó ti yí àwọ̀. Ohun kan ni pé kò bo ohùn tá a gbà sílẹ̀: tó bá gbọ́ ọ, ó ṣì máa hàn, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fi ohùn ránṣẹ́.

Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́, kì í ṣe nígbà tó bá ti dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wọlé lóru máa ń bá aláníyàn sùn.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí àtàǹpàkò ọ̀hún má sì dé. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ò dé ibi tẹ́ ẹ rán an. Ẹ kọ ti Sátidé bẹ́ ẹ ṣe ṣèlérí, kó tiẹ̀ kúrú sí i: "Dèjì, Sátidé rèé. Ológbò ọjọ́sí ló tún ń lé e. Mi ò retí èsì o. Ó di Sátidé tó ń bọ̀." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ lè sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Kò yẹ kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró lójijì láìsọ, torí á kà á sí pé ó ti sú yín.

Ọ̀nà yìí jọ ohun tí oníṣègùn ọpọlọ kan, Jerome Motto, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dán wò ní San Francisco. Wọ́n wá àwọn èèyàn tí wọ́n ti gbà sílé ìwòsàn nítorí ìsoríkọ́ tàbí torí pé wọ́n fẹ́ gbẹ̀mí ara wọn, tí wọ́n sì kọ̀ láti máa bá ìtọ́jú lọ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Àwọn 843 ni. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì láìṣẹ̀ṣà. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí apá kan fún ọdún 5, wọn ò sì kọ nǹkan kan sí apá kejì. Ìlà mélòó kan ni lẹ́tà náà: ó ti ṣe díẹ̀ tẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ wa, à ń retí pé nǹkan ń lọ dáadáa, tó bá wù yín láti kọ nǹkan sí wa, inú wa á dùn láti gbọ́. Kò béèrè nǹkan kan, kò sì pè wọ́n wá gba ìtọ́jú. Oṣooṣù ló ń lọ fún oṣù 4, lẹ́yìn náà oṣù méjì méjì fún oṣù 8, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, àwọn tó pa ara wọn kéré láàárín àwọn tó ń gba lẹ́tà, pàápàá láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́. Àwọn ìdánwò tó tẹ̀ lé e ò fohùn ṣọ̀kan tán, ìsoríkọ́ sì yàtọ̀ sí àníyàn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé oògùn ni. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni bí lẹ́tà náà ṣe rí: ó kúrú, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á, ó ń wá lásìkò tó yẹ, àlàfo rẹ̀ sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo èyí dá lórí ohun tẹ́ ẹ sọ, pé Dèjì ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé kò lọ mọ́, pé kò jẹun tàbí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, pé ó ń pín ẹrù rẹ̀ fún èèyàn, tàbí tó bá kọ ohun tó jọ ìdágbére tàbí tó ní ayé á rọrùn fún yín láìsí òun, ẹ pa ọ̀rọ̀ kúkúrú tì. Ìlérí pé ẹ ò ní pè láìsọ ti parí nìyẹn. Ẹ pè é, ẹ lọ bá a, ẹ wá ẹni tó bá ń gbé nítòsí rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi í lójúkojú: "Ṣé ó ti ń wá sí ẹ lọ́kàn láti gbẹ̀mí ara rẹ?" Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn á gbin èrò náà sí i lọ́kàn, àmọ́ ìwádìí ò rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ sì pe àwọn elétò ìtọ́jú pàjáwìrì tàbí kẹ́ ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Bí kò bá sí irú ìyẹn, tí àtàǹpàkò sì dé lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ayọ̀ á mú wọn, wọ́n á kọ "Háà, o wà! Kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an? Ṣé kí n pè ẹ́ báyìí?" Ẹ̀kọ́ tí Dèjì máa kọ́ níbẹ̀ ni pé àtàǹpàkò kan ló ń bí ìbéèrè mẹ́ta. Ẹ kọ "Mo rí i, ó dùn mọ́ mi," kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìwé gígùn tó kún fún ẹ̀bẹ̀ ló kọ, ẹ dá ẹ̀bẹ̀ náà lóhùn pẹ̀lú gbólóhùn kan, "Kò séyìí tó o ṣẹ̀ mí níbẹ̀," kẹ́ ẹ wá mú ohun tó fúyẹ́ jù nínú ìwé náà, kẹ́ ẹ fèsì sí ìyẹn.

Ó ṣeé ṣe kó máa bi yín léraléra pé ṣé inú ò bí yín lóòótọ́. Ẹ fún un ní ìdáhùn kan tó ṣe kedere. Tó bá tún béèrè lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ìdáhùn àárọ̀ ò tíì yí padà, kẹ́ ẹ sì gba ibòmíì lọ. Tẹ́ ẹ bá ń tún un sọ nígbà mẹ́wàá, ìtura tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń fún un ò yàtọ̀ sí ti fóònù tó dojú délẹ̀: kì í pẹ́ lọ, á sì tún fẹ́ òmíràn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ dá ohun kékeré tó ní òpin. "Jẹ́ ká ríra" ò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò lópin. "Màá kọjá ládùúgbò yín ní agogo márùn-ún ọjọ́ Àìkú, tó bá wù ẹ́ ká jọ rìn fún ogún ìṣẹ́jú, jáde. Tí mi ò bá rí ẹ, màá bá tèmi lọ, kò sí wàhálà" ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lópin, ó sì ní ọ̀nà àbáyọ.

Ọ̀rọ̀ dókítà, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ti jọ sọ̀rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí tó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wọlé, á gbà pé ẹ ti fẹ́ fa òun lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí wọ́n fi ń tún èrò àti ìṣe ṣe máa ń ran ẹni tí àníyàn ń dà láàmú lọ́wọ́ gan-an, ó sì sábà máa ń gba bí ìjókòó 12 sí 15. Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni ìpè àkọ́kọ́ láti dá ọjọ́, fóònù kan náà tó ń já wọn láyà yẹn ni. Ibẹ̀ lẹ ti wúlò jù: "Tó o bá fẹ́ rí dókítà, mo lè jókòó tì ẹ́ bó o ṣe ń pè wọ́n, tàbí kí n bá ẹ tẹ nọ́ńbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ti tó." Tó bá ní rárá, ẹ kọ "Ó dáa," kẹ́ ẹ sì padà sórí ajá àti ológbò títí di bí oṣù kan kẹ́ ẹ tó tún béèrè.